Bí mo ṣe pe àbúrò mi ní olè nítorí VPN

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń bá ẹlòmíràn dáwó ra VPN, tàbí tó ń múra àtibẹ̀rẹ̀, kó wá ibì kan jókòó sí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń sanwó VPN kan: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé n'Íbàdàn. Ẹ ò gbàgbé ọdún 2021 nígbà tí ìjọba ti Twitter pa ní oṣù kẹfà. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ VPN. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wa ń lò. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i padà ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn kan pa tiwọn rẹ́ kúrò lórí fóònù. Tèmi ò ṣeé pa rẹ́ mọ́, torí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, a lọ ra èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ ni "5 devices". Èèyàn mẹ́ta, ẹ̀rọ márùn-ún. Mo ní ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Iṣẹ́ tó fa wàhálà nìyí. Obìnrin Yorùbá kan tó ń ta àdìrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n ya fídíò kúkurú tó máa fi han àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ra ọjà lórí ojú ewé òun. Ojú ewé yẹn máa ń wo ibi téèyàn ti wọlé kó tó gbé iye owó jáde. Láti Èkó, náírà ni mò ń rí. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn ló máa rí. Pọ́n-ùn ni Màámi yẹn fẹ́ nínú fídíò, kò fẹ́ náírà rárá. Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. ₦45,000. Ẹni tó bá mọ bí owó dátà ṣe rí báyìí á mọ̀ pé mi ò lè fi irú ẹ̀ ṣeré.

Aago méjì ọ̀sán, mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi. Ọjọ́ tó ṣáájú ló dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ọkùnrin yẹn ti nu gbogbo inú rẹ̀, ó sì gbé Windows tuntun lé e. Mo wá áàpù VPN wa, mo gbé e sórí ẹ̀, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ohun tó sọ fún mi ni:

"Too many devices."

Báwo? Ó gbé orúkọ márùn-ún jáde pé àwọn yìí ló ti gba ààyè: Android, Android, Android, iPhone, Windows.

Ẹ bá mi kà á. Android lèmi ń lò. Android ni àbúrò mi ń lò. iPhone ni ti ọ̀rẹ́ mi. Ta ló ni Android kẹta? Ta ló wá ni Windows, nígbà tó jẹ́ pé Windows tèmi ló wà níta tó ń kanlẹ̀kùn yìí? Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ń bá àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbé yàrá kan, láptọ́ọ̀pù sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo pè é. Mo ní ó ti fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù wa. Ó ní, "Àǹtí, mi ò fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní irọ́ ló ń pa, mo ní nǹkan olóǹkà nìyí lójú mi, mo ní olè lásán ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí," ó sì pa fóònù.

(Mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.)

Ní ti ká dọ́gbọ́n sí i, mo lọ gbé VPN ọ̀fẹ́ kan lé orí láptọ́ọ̀pù. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó sopọ̀ wẹ́rẹ́. Mo ṣí ojú ewé Màámi, mo rí iye owó: yúrò ni. Mo wo áàpù yẹn dáadáa, Nẹ́dálándì ló gbé mi lọ. Mo wá Britain nínú àkójọ orílẹ̀-èdè, mo rí i, àmọ́ àgádágodo wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n sanwó kí n tó lè tẹ̀ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ibì kan ò gba ẹ̀rọ mi rárá, ibì kejì gbà á, ó sì so ó pọ̀, síbẹ̀ kò gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń pè ní ohun kan ṣoṣo. Àmọ́ orí mi ti gbóná.

Ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn wá gbé ọgbọ́n tiẹ̀ jáde. Kì í lo áàpù iléeṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Áàpù WireGuard ló ń lò, ó sì ti gba fáìlì kékeré kan sílẹ̀ láti inú ákáǹtì wa. Ó ní, "Jẹ́ kí n fi fáìlì tèmi ránṣẹ́ sí ẹ, kò ní bi ẹ́ ní pásíwọ́ọ̀dù kankan." Fáìlì yẹn kò gùn rárá. Ibi tó ṣe kókó nínú rẹ̀ rí báyìí (mo ti yọ ohun ìkọ̀kọ̀ ibẹ̀ kúrò):

```
[Interface]
PrivateKey = ...
Address = 10.64.0.5/32
```

Mo gbé e lé orí láptọ́ọ̀pù. Ó ṣiṣẹ́! Lọ́ńdọ̀nù ni, pọ́n-ùn ni, inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ojú ewé dúró pa. Ó tún ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó tún dúró. Mo ro pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé WhatsApp òun náà ti ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa, mo kọ́ ọ lẹ́yìn náà, ó sì dára kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dán an wò. Ibi tí wọ́n kọ PrivateKey sí nínú fáìlì yẹn, kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ kan jẹ́ ti ẹ̀rọ kan. Sáfà ò mọ orúkọ yín, kò mọ fóònù yín, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ̀. Fún kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ibì kan ṣoṣo ló máa ń rántí tó máa dá èsì padà sí, ìyẹn ibi tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Tí láptọ́ọ̀pù mi bá béèrè nǹkan láti Èkó, sáfà á ní, "Ó dáa, Èkó lẹ́ni yìí wà." Kí èsì tó pé, fóònù ọ̀rẹ́ mi á fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan náà. Sáfà á tún ní, "Ó ti ṣí lọ sí Ìbàdàn." Èsì tó yẹ kó wá bá mi á gba Ìbàdàn lọ. Bí àwa méjèèjì ṣe ń já èsì gbà mọ́ra wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ wo áàpù WireGuard nígbà tó bá dúró. Ó máa ń kọ iye ohun tó jáde àti iye ohun tó wọlé, tx àti rx. Tó bá jẹ́ pé tx ń pọ̀ sí i, tí rx dúró sójú kan, tí nǹkan sì máa ń padà bọ̀ sípò gẹ́lẹ́ tí ẹnì kejì bá pa tiẹ̀, ẹ ti rí i nìyẹn. Kì í ṣe ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fi ti mọ́dẹ́ẹ̀mù tí mò ń gbé kiri lásán.

Mo lè ní kí ọ̀rẹ́ mi pa tiẹ̀ fún wákàtí kan, àmọ́ òun náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù. Mo wá lọ sí ojú ewé ákáǹtì wa gan-an lórí búráwùsà, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Devices" sí. Orúkọ márùn-ún yẹn náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo wo déètì tó wà lábẹ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kún un.

Android kẹta yẹn, ọjọ́ tí a ra VPN yẹn gan-an ni wọ́n fi í sí i. Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi ò tíì wọlé rárá, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Fóònù mi àtijọ́ ni! Èyí tí mo tà ní Kọ̀mpútà Fíléèjì ní Ìkẹjà. Mo nu gbogbo inú rẹ̀ kí n tó tà á, mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Inú fóònù ni mo nù, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ákáǹtì.

Windows yẹn ńkọ́? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé VPN sórí láptọ́ọ̀pù mi ni. Láptọ́ọ̀pù yìí kan náà tó wà níwájú mi. Nígbà tí ọkùnrin yẹn nu inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí mo wá tún gbé áàpù lé e, kọ́kọ́rọ́ tuntun ló fẹ́ gbẹ́, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tuntun ni lójú sáfà. Èmi ni mo wà nínú ilé, èmi náà ni mo wà níta tí mò ń pe ara mi ní olè.

Àwọn tó gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ pọ́tà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ni yàrá sí. Bóo bá lọ ilé fún oṣù méjì, orúkọ rẹ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní kọ ti ẹlòmíràn dípò rẹ. Iye ẹ̀rọ tí pláànù kan gbà nìyẹn, àwọn tó ń ka orúkọ. Ọ̀tọ̀ wá ni bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lè wà ní yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn (ẹ̀yin skúwọ́tà, mo kí yín), ẹni tó bá dìde ni ẹlòmíràn máa rọ́pò. Ìyẹn ni iye ìsopọ̀ tó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ sì tún ni ilẹ̀kùn tí pọ́tà máa ṣí fún ẹ: o lè ní orúkọ, o lè ní bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má jẹ́ kóo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Sáfà tí pláànù rẹ fún ẹ láyè láti lò nìyẹn.

Lákòókò tí wọ́n sọ fún mi pé márùn-ún ti pé, ẹ̀rọ mélòó ló sopọ̀ ní tòótọ́? Ẹyọ kan. Fóònù ọ̀rẹ́ mi. Tèmi wà ní pípa, àbúrò mi wà ní kíláàsì, ẹ̀rọ méjì yòókù ò sí láyé mọ́. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ṣófo, ìwé pọ́tà sì kún.

Mo yọ Android àtijọ́ kúrò. Mo yọ Windows àtijọ́ kúrò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo padà sórí láptọ́ọ̀pù, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó gbà mí. Mo yan Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn. Mo parí fídíò ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, mo gé e, mo fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì yọ ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣì ń lò, ẹ má bẹ̀rù, á kàn ní láti tún wọlé ni. Ẹni tó ń lo fáìlì bíi ti ọ̀rẹ́ mi ló máa ní láti lọ gba fáìlì tuntun.

Mo wá lọ wádìí ìdí tí wọ́n fi ń ka orúkọ dípò kí wọ́n ka ẹni tó sopọ̀. Ara rẹ̀ ni pé WireGuard kì í sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ á kàn dákẹ́, sáfà ò sì lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ti lọ tàbí ó kàn dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ló rọrùn láti kà. Mullvad, bí àpẹẹrẹ, ẹ̀rọ 5 ló gbà lórí ákáǹtì kan, orúkọ ló sì ń kà: tó o bá fẹ́ fi ẹ̀kẹfà sí i, wàá yọ ọ̀kan. Àmọ́ gbogbo sáfà rẹ̀ ló ṣí fún gbogbo ẹni tó bá ti sanwó. Proton VPN ò rí bẹ́ẹ̀. O lè gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù tó bá wù ẹ́, ohun tó ń kà ni iye tó sopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyọ kan fún ọ̀fẹ́, 10 fún Plus. Ní ti ọ̀fẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yan orílẹ̀-èdè. Ṣé ẹ rí i pé àwọn méjèèjì lè kọ "devices" síwájú, kó má sì jẹ́ ohun kan náà?

Tí ẹ kò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ mú fóònù kan tí kò tíì wọ ákáǹtì yẹn rí nígbà tí iye yín bá ti pé. Ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ má tíì tẹ "Connect". Tó bá lé yín níbi pásíwọ́ọ̀dù, orúkọ ni wọ́n ń kà, ẹ lọ yọ ẹ̀rọ kan kúrò nínú ákáǹtì. Tó bá gbà yín wọlé, tó wá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ "Connect" ló kọ̀, ìsopọ̀ ni wọ́n ń kà, ẹ wá ẹni tó lè pa tiẹ̀. Tó bá sì sopọ̀ tán tó wá gbé yín lọ síbi tí ẹ ò ní, tàbí tí àgádágodo wà lára ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ sáfà nìyẹn. Bẹ́ ẹ yọ ẹ̀rọ mẹ́wàá, kò ní yí padà.

Fún àwọn tí wọ́n ń ka ìsopọ̀ wọn, ohun kan ń jẹ bẹ́ẹ̀dì yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Lórí Android, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní "Always-on VPN". Fóònù tí wọ́n bá tan ìyẹn sí máa ń wà lórí ìsopọ̀ ní gbogbo ìgbà tí dátà bá wà ní títàn, kódà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá sì kú lójijì lè ṣì wà ní kíkà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí sáfà tó mọ̀ pé kò sí mọ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ohùn onímọ̀ ìrírí lẹ̀ ń gbọ́ yìí.

Ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òun ò lè so VPN mọ́ fóònù kan, kóun wá tan họ́ọ́tísípọ́ọ̀tì fún àwọn yòókù. Ó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ Android àti lórí iPhone, dátà tí fóònù pín jáde kì í gba inú VPN fóònù yẹn kọjá. Fóònù yín á wà ní Lọ́ńdọ̀nù, láptọ́ọ̀pù á ṣì wà ní Ṣómólú. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ráútà tó lè gbé VPN fúnra rẹ̀: ẹyọ kan ni wọ́n máa kà á sí, gbogbo ilé á sì gba inú rẹ̀. Àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo yín máa jáde sí, kò sí pé ẹnì kan fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan fẹ́ Èkó, ìyára rẹ̀ sì lè dín kù gan-an tí ráútà náà kò bá lágbára. Àwọn MiFi kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò kì í tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò mi.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kò gbé e. Mo fi wóìsì nóòtì ránṣẹ́, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, Android àtijọ́, Windows, kọ́kọ́rọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Àǹtí." Ẹ mọ "kò sí wàhálà" tó jẹ́ pé wàhálà wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, mo ṣí ákáǹtì láti wò ó. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́rin ló yẹ kó kù níbẹ̀: fóònù mi, láptọ́ọ̀pù mi, fóònù ọ̀rẹ́ mi, fóònù rẹ̀. Mẹ́ta ni mo bá. Ó ti yọ tiẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Mo ti fi owó tó dá sí i padà sínú ákáǹtì báǹkì rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi lọ́jọ́ kejì láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ó máa wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò tíì fi ẹ̀rọ kankan sí ààyè yẹn.